Táyámì, Ọ̀rọ̀ Olórùka Méjì

Ẹni tó bá fẹ́ ra fítámì B ní kẹ́mísítì kékeré ní Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ̀ tàbí Emùré kì í pe orúkọ náà tán. "Ẹ bá mi ka bíkó sí ọ̀rá" ló máa wí, wọ́n á sì ka horo wẹ́wẹ́ tó ń ta sánsán sí i fún un. Bí ẹ bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, á ní kí ara òun lè le ni, tàbí kí òun lè máa jẹun dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ń wá ohun tí glúkóòsì inú òun máa fi rọ́nà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń fowó rà gan-an nìyẹn.

Àwọn tó ń kọ ìwé ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń lò fún fítámì: aṣaralóore. Ẹ tú u wò: a-ṣe-ara-ní-oore, ohun tó ń ṣoore fún ara. Ó dùn létí, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, amúaradàgbà àti afúnnilókun. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn, nítorí ó sọ fítámì di olùṣe. Fítámì B tí a gbé mì kì í ṣe ohunkóhun fún ara bó ṣe wà yẹn. Kò fúnni lókun bí ìyán ti ń fúnni, kò sì kọ́ ẹran ara bí ẹ̀wà ti ń ṣe. Ohun èlò tí wọn kò tíì ṣe parí ni. Ara ló máa gbà á, ara ló máa so nǹkan mọ́ ọn, ara náà ni yóò gbé e sínú ẹ́ńsáìmù, ẹ́ńsáìmù yẹn ló sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a ti ṣe parí yẹn ni wọ́n ń pè ní kò-ẹ́ńsáìmù. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú nínú wọn, B1, tórúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ táyámì, nítorí pé orúkọ náà jẹ́ àwòrán ohun tó ń jẹ́ ẹ, àti nítorí pé kòkòrò kan wà lórí igi arère ilẹ̀ wa tó ń gé e sí méjì.

Ní 1912, Casimir Funk, ọmọ Pólándì tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: "fítà", tí í ṣe ìyè lédè Látìnì, àti "amíìnì", orúkọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pe ohun tó ní irú náítírójínì tó wà nínú amóníà. Ó rò pé gbogbo nǹkan kékeré tí àìsí wọn nínú oúnjẹ ń fa àìsàn ló jẹ́ amíìnì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fítámì C kò tilẹ̀ ní náítírójínì rárá. Ní 1920, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Drummond ní kí wọ́n gé lẹ́tà tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé amíìnì ni gbogbo wọn. Àwa Yorùbá tún gé e ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ní fítámì, ọ̀rọ̀ sì parí.

B1 nìkan ni orúkọ Funk bá mu bí ẹni wọn aṣọ fún un. Robert Williams, ará Amẹ́ríkà, ló tú ìṣẹ̀dá rẹ̀ tán ní 1936, tó sì rọ ọ́ nínú yàrá ìwádìí láìlo oúnjẹ kankan. Òun ló sọ ọ́ ní táyámì. Amíìnì ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó wà níwájú wá láti inú èdè Gíríìkì, ó sì dúró fún ohun tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní imí-ọjọ́. Amíìnì onímí-ọjọ́ ni táyámì. Bí ẹ bá sì ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, òrùka méjì ló máa jáde. Ọ̀kan ni amíìnì so mọ́. Èkejì ni imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Káàbọ̀nù kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀ láàárín. Ìyẹn ni pé ibi tí orúkọ náà ti pín sí méjì ni nǹkan náà fúnra rẹ̀ ti pín. Mi ò mọ fítámì mìíràn tí èyí jẹ́ òtítọ́ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì, kò-ẹ́ńsáìmù, ní ìtàn tirẹ̀. Ẹ́ńsáìmù lédè Gíríìkì ni "nínú ìwúkàrà". "Kò" tó ṣíwájú ni "pẹ̀lú". Ní 1937, àwọn ará Jámánì méjì, Lohmann àti Schuster, yọ ohun kan láti inú ìwúkàrà gan-an, ohun tí ẹ́ńsáìmù ìwúkàrà kò lè tú pírúféètì láìsí i. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, táyámì ni wọ́n bá, àmọ́ fọ́sífétì méjì ti so mọ́ ìhà imí-ọjọ́ rẹ̀. Ohun kan náà là ń ṣe nínú ara tiwa. Táyámì wọlé láti inú oúnjẹ, ẹ́ńsáìmù kan mú fọ́sífétì méjì lára ATP, ó so wọ́n mọ́ ọn. Kí fọ́sífétì méjèèjì tó dé ibẹ̀, bíkó tí a rà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iṣẹ́ wo wá ni? Ẹ mú òkèlè ìyán kan. Ara á tú u di glúkóòsì. Glúkóòsì kan á pín sí pírúféètì méjì, ATP 2 péré ni a máa jèrè lójú ọ̀nà yìí, kò sì sí ohun tó kan B1 títí di ibẹ̀. Èrè ńlá wà níwájú: bí pírúféètì bá kọjá wọ ibi tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ sun ún, glúkóòsì kan á mú ATP bí 30 wá. Ẹ́ńsáìmù ńlá kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, pírúféètì dìháídírójínéèsì lorúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni táyámì olófọ́sífétì méjì jókòó sí. Káàbọ̀nù tó wà láàárín imí-ọjọ́ àti náítírójínì nínú òrùka kejì ló ń gbá pírúféètì mú. Ó já káàbọ̀nù kan kúrò lára rẹ̀, ìyẹn sì di èémí tí à ń mí síta. Ó wá fi ìyókù lé àwọn tó kàn lọ́wọ́. Àwọn tó kàn yẹn, ọmọ fítámì B náà ni wọ́n. Ara B5 ni wọ́n ti ṣe kò-ẹ́ńsáìmù A tó gba ìyókù náà. Ara B2 ni FAD ti wá, ara B3 ni NAD ti wá, àwọn méjèèjì ló ń kó ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bọ́ sílẹ̀. Fítámì mẹ́rin ló pàdé sínú ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo. Inú horo bíkó kan náà ni wọ́n kó wọn pọ̀ sí, àmọ́ olúkúlùkù wọn tún ní ibòmíràn tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò ní B3, irú ẹni tí àgbàdo nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, kì í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí kò ní B1. Ara rẹ̀ ni yóò máa bó níbi tí oòrùn ń pa, ìgbẹ́ gbuuru á mú un, orí rẹ̀ á sì dàrú, nítorí pé ẹ́ńsáìmù tó ń wá NAD pọ̀ káàkiri ara.

Bí B1 bá wọ́n, pírúféètì á kún ẹnu ọ̀nà. Ara kò ní ibi tí yóò kó o sí, yóò sọ ọ́ di láktéètì, omi kíkan tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. ATP 2 ni a ó máa rí dípò bí 30. Níbí ni mo ti ń bá ọ̀rọ̀ aṣaralóore jà: bí ẹni náà bá tún jẹun sí i kó lè lókun, oúnjẹ yẹn gan-an ni yóò dá a dúbúlẹ̀. Ó dà bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ti yọ bẹ́líìtì rẹ̀, tí wọ́n tún ń da ata sí i. Ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára, nítorí glúkóòsì ni oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́, kì í sun ọ̀rá bí ẹsẹ̀ tàbí ọkàn ti lè sun ún.

Rudolph Peters fi ẹyẹlé rí èyí ní Oxford láàárín 1929 sí 1936. Ó fún wọn ní ìrẹsì tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ títí ọrùn wọn fi yí padà sẹ́yìn. Láktéètì kún ọpọlọ wọn. Nígbà tó gé ọpọlọ náà sínú ìgò, kò lè gba ọ́síjìn tó bó ṣe yẹ. Ó ta táyámì díẹ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà á padà. Ọpọlọ yẹn kò tíì bàjẹ́ tí awò asọhundiǹlá lè rí i. Kẹ́mísírì rẹ̀ nìkan ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Igi arère kún àwọn igbó tó wà láti Ìṣẹ̀ sí Emùré títí wọ Oǹdó, kò sí oníṣòwò pákó ní gbogbo agbègbè yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Lórí rẹ̀ ni mọ́nimọ́ni, kòkòrò tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀, ti ń jẹ ewé. Àwọn kan ń pè é ní èkùkù, Anaphe venata lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ìdin yìí kì í dá gbé. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń hun ilé kan ṣoṣo bora wọn, okùn ilé irú àwọn Anaphe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ran láti fi hun sányán, aṣọ tí a ń fi ṣègbéyàwó. Nígbà òjò, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, àwọn èèyàn a máa kó ìdin náà, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á yan án. Ẹran ni fún ẹni tí owó ẹran kò tó lọ́wọ́.

Ní 1958, Wright àti Morley kọ̀wé sí ìwé ìròyìn ìṣègùn Láńsẹ́ẹ̀tì nípa àìsàn kan ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tó ń mú kí èèyàn máa gbọ̀n, kó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tó ń wá nígbà òjò tó sì ń lọ. Orúkọ tí wọ́n fún un túmọ̀ sí ọpọlọ wíwú tó ń gbọ̀n. Wọ́n rò pé kòkòrò àrùn ló ń wọ ọpọlọ. Orúkọ náà ṣi ọ̀pọ̀ dókítà lọ́nà fún ọdún pípẹ́. Ọdún 1993 ni Dókítà Bọ́lá Adámọlẹ́kun kọ̀wé sí Láńsẹ́ẹ̀tì kan náà pé jíjẹ mọ́nimọ́ni ló so mọ́ ọn. Ní 1994, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ibikunle, gbé ìwádìí wọn jáde lórí bí àìsàn náà ṣe jà ní Ìkàrẹ́. Ìkàrẹ́ Àkókó ni mo wí, kì í ṣe Ìkẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni ìlú méjèèjì wà títí wọ́n fi dá Èkìtì sílẹ̀ lóṣù Kẹwàá 1996.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tẹ̀lé àgbẹ̀ kan tó ń gbé lọ́nà Emùré. Táyámì tó wà nínú gbogbo ara àgbàlagbà kò ju mílígíráàmù 25 sí 30 lọ, ó sì ń ná ju ẹyọ kan lọ lójúmọ́. Kò sí àká tí ara ń kó o pamọ́ sí. Bí oúnjẹ kò bá mú un wá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Láti oṣù Karùn-ún, iṣu àtijọ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀bà àti láfún ló ń jẹ, táyámì inú wọn kò tó nǹkan. Ẹ̀wà ì bá ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kánún ni ìyàwó rẹ̀ ń fi sè é kó lè tètè rọ̀, kánún sì wà lára ohun tó ń fọ́ òrùka onímí-ọjọ́. Kó tó di oṣù Keje, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ kan ní kò-ẹ́ńsáìmù, èkejì kò ní. Kò tíì ṣàìsàn. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni, ó sì rò pé iṣẹ́ oko ni.

Mọ́nimọ́ni wá dé. Ó jẹ ẹ́ níyanyan fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ìdin náà tó ń jẹ́ táyámínéèsì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gé káàbọ̀nù tó so òrùka méjèèjì pọ̀, ó sì ń fi nǹkan mìíràn rọ́pò òrùka onímí-ọjọ́ lára amíìnì. Ohun tó kù kì í ṣe táyámì mọ́, ara kò sì lè lẹ̀ ẹ́ padà. Iṣu tuntun náà ń jáde lásìkò yìí. Ọjọ́ kan wọ́n gún ìyán, ó jẹ ẹ́ yó. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, èébì gbé e, òòyì kọ́ ọ, ó dìde kò lè dúró, ọwọ́ àti orí rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń já lọ já bọ̀ láìdúró sójú kan. Ẹlòmíràn á máa sọ ìsọkúsọ. Báyìí gan-an ni àwọn aláìsàn tí wọ́n kọ̀wé nípa wọn ṣe ń wá: lẹ́yìn oúnjẹ ńlá tó kún fún afúnnilókun. Ẹni tó bá ń wá májèlé tàbí àsàsí níbẹ̀ kò ní rí i, nítorí àwọn tó jọ jẹ ìyán náà tí táyámì wọn pé kò ní nǹkan kan tó ṣe wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé B1 ni, kì í ṣe ohun mìíràn nínú ìdin náà? Adámọlẹ́kun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn aláìsàn sí méjì ní 1994: wọ́n fún àwọn kan ní táyámì, wọ́n fún àwọn yòókù ní horo tí kò ní nǹkan nínú, aláìsàn kò mọ èyí tó ń lò, dókítà tó ń wò ó kò mọ̀. Àwọn tó lo táyámì dẹ́kun gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kíákíá ju àwọn yòókù lọ, ká má sọ ọ̀sẹ̀, ká sọ ọjọ́. Bí ọpọlọ bá ti kú, oògùn kì í jí i lọ́jọ́ mẹ́ta. Ọpọlọ ẹyẹlé Peters lẹ tún ń wò yẹn. Ọ̀nà mìíràn tún wà ní yàrá àyẹ̀wò. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa, tíránsíkítoléèsì, tó ń lo kò-ẹ́ńsáìmù B1 yìí kan náà. Wọ́n á wọn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, wọ́n á ta táyámì olófọ́sífétì sí i nínú ìgò, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá fò sókè ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ẹ́ńsáìmù wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò-ẹ́ńsáìmù ni kò rí.

Nishimune àti àwọn ará Japan ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá yọ táyámínéèsì náà jáde láti ara Anaphe ní 2000. Ohun méjì tí wọ́n rí ló yẹ kí ẹni tó ń jẹ mọ́nimọ́ni mọ̀. Èkíní, iná kò tètè pa á: ìwọ̀n gbígbóná 70 ni ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ jù, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù ti ń kú. Ìdin tí wọ́n kàn yan fìrí nínú eérú, tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀, ṣì mú ọ̀bẹ rẹ̀ dání. Sísè dáadáa, tó pẹ́ lórí iná, ni àwọn olùwádìí náà dámọ̀ràn, wọn kò ní kí á má jẹ ẹ́, amúaradàgbà ni. Èkejì ló wù mí jù: kò lè gé táyámì tí fọ́sífétì bá ti wà lára rẹ̀. Àmọ́ kí táyámì tó lè ti inú ìfun wọ ara, ìfun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ fọ́sífétì kúrò lára rẹ̀. Àárín ìgbà tí wọ́n bọ́ ọ àti ìgbà tí wọ́n tún wọ̀ ọ́ fún un ní inú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni mọ́nimọ́ni ń dènà dè é.

Kì í ṣe gbogbo gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ni àìtó B1 ń fà o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ṣàpèjúwe irú mìíràn ní agbègbè Ẹpẹ́ ní àwọn ọdún 1960, èyí tó so mọ́ gbágùúdá tí wọn kò ṣe dáadáa. Èyí kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ kan. Ó ń gba oṣù àti ọdún, ẹsẹ̀ á máa kú tìpẹ̀, ojú á máa ṣú, etí á máa di, bíkó kì í sì í dá a padà. Bó ṣe yá tó àti ìgbà tó dé ló ń yà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ẹ̀yin tó ní ará ní oko ni mo sì ń bá sọ ọ́. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nígbà òjò, ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ọsibítù ni pé kí wọ́n fa omi sí i lára, a sì ń fẹ́ omi glúkóòsì kó lè lágbára. Glúkóòsì láìsí B1 ni oúnjẹ ńlá mìíràn, èyí tó gba inú iṣan wọlé. Ó lè sọ àìsàn ọjọ́ mẹ́ta di ọpọlọ tí kò ní bọ̀ sípò mọ́. B1 ló yẹ kó ṣáájú, tàbí kí méjèèjì jọ wọlé. Nọ́ọ̀sì kò lè mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Torí náà, kí ẹ tó jókòó, ẹ sọ fún wọn pé mọ́nimọ́ni ló jẹ, ẹ sọ ọjọ́ tó jẹ ẹ́, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá táyámì wà nílé.